Ọjọ́ wo gan-an ni Stanley pàdé Livingstone?

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, mo nílò ìmọ̀ràn. Mò ń to ọjọ́ ìrìnàjò fún kíláàsì ìtàn tí mò ń kọ́ ní Òṣogbo, ìpàdé akọ̀ròyìn Stanley àti arìnrìnàjò Livingstone ní Ujiji, létí Adágún Tanganyika, sì há mi lọ́wọ́. Ìwé tí Stanley tẹ̀ ní 1872 ní 10 Nofẹ́ḿbà 1871 ni. Àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ Livingstone, tí wọ́n tẹ̀ ní 1874 lẹ́yìn ikú rẹ̀, gbé e sí ìparí Ọ̀kìtóbà. Àìsàn bá àwọn méjèèjì lọ́nà, ta ni ibà dá gúnlẹ̀ tó ń ka ọjọ́? Tí wọ́n bá ṣi ọjọ́ kà lẹ́ẹ̀kan, àṣìṣe náà á máa bá wọn lọ.

Mo rò pé oṣù ààwẹ̀ àwọn Mùsùlùmí lè bá wa yanjú rẹ̀. Nínú ìṣirò, ààwẹ̀ ọdún yẹn bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí 14 Nofẹ́ḿbà. Bí Stanley bá tọ̀nà, ọjọ́ mẹ́rin péré ló ṣáájú rẹ̀. Bó bá jẹ́ Livingstone, ó ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Ìyàtọ̀ ọjọ́ kan nínú rírí oṣù kò lè dí àlàfo yẹn.

Ṣé kí n wá ibi tí ìwé àfọwọ́kọ àwọn méjèèjì ti dárúkọ ààwẹ̀, kí n ka ọjọ́ padà sẹ́yìn? Mi ò fẹ́ fọkàn tán ìwé títẹ̀ nìkan, torí olóòtú lè ti fọwọ́ kàn án.