Ìwọ̀n tútù, ìwọ̀n gbígbẹ, àbí kí la máa pè é?

Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Ilé-Ifẹ̀: Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń kọ kálórì oúnjẹ mi sílẹ̀. Ìrẹsì tí a kò tíì sè ni ìwé tí mò ń lò ń sọ, èyí tó ti jinná sì ni mò ń gbé sórí òṣùwọ̀n. Báwo ni mo ṣe máa dá a padà? Ṣé mo lè pe ti àkọ́kọ́ ní “ìwọ̀n tútù”?

Atúmọ̀-èdè, Iléṣà: “Ìwọ̀n tútù” ti tó. Ẹran tútù, ẹja tútù, isu tútù, iná kò tíì kan ọ̀kankan nínú wọn. Ní ti ìdápadà, ohunkóhun tó bá ti jinná, fi 3 pín in, ó parí.

Ìyá Alásè, Ilé-Ifẹ̀: Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Bí oníbàárà bá ní òun kò jẹ ìrẹsì tútù, ìrẹsì tí kò gbóná mọ́ ló ń sọ. Kò sẹ́ni tí ọkàn rẹ̀ máa lọ síbi èyí tó wà nínú àpò. Ìrẹsì kì í sì í wú bákan náà. Èyí tó ti pẹ́ nílẹ̀ lẹ́yìn ìkórè ń mu omi ju tuntun lọ. Ìdí nìyẹn tí a fi ń bi olùtà pé, “Ṣé ó ń wú?” ká tó sanwó. 3 yín yẹn, ìkòkò ta ni?

Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, Ilé-Ifẹ̀: Ìyá Alásè, ẹ ṣé. Omi ni ìrẹsì mu, omi kò sì ní kálórì. Kálórì tó wọ inú ìkòkò náà ló máa wà níbẹ̀ tó bá jinná, ìbáà wú dé ọmọrí.

Ọmọ mi, wọn ìkòkò rẹ lófìfo. Ká ní ó jẹ́ gíráàmù 800. Wọn ìrẹsì kó o tó ṣàn án, ká ní 400. Nígbà tó bá jinná, tó o fẹ́ bù ú, wọn ìkòkò tòun tìrẹsì. Bí ó bá jẹ́ 1,920, yọ 800 kúrò, ó ku 1,120. Fi 400 pín in, wàá rí 2.8. Iye tó wú nìyẹn lọ́jọ́ náà. Abọ́ tó gba 350, fi 2.8 pín in, ìrẹsì inú àpò 125 lo jẹ. Gíráàmù 100 rẹ̀ máa ń tó kálórì 360, torí náà o jẹ nǹkan bí 450. Bó o bá kọ 350 yẹn sílẹ̀ bí èyí tí a kò sè, ìwé rẹ máa pariwo 1,260!

Bó o bá ti wọ̀n ọ́n tán, má jẹ́ kó pẹ́ lórí ìdáná kó o tó bù ú, torí omi ń bá ooru lọ. Bó o bá sì bọ ìrẹsì tó o da omi rẹ̀ nù, ìṣirò náà á fi díẹ̀ ga ju òótọ́ lọ, torí omi yẹn ti gbé díẹ̀ lọ lára ìrẹsì.

Ẹ̀wà, bákan náà ni, ṣùgbọ́n kó o tó rẹ ẹ́ sómi ni kó o wọ̀n ọ́n. 300 lè di 750, ìyẹn 2.5. Ro omi rẹ̀ pọ̀ kó o tó bù ú. Epo pupa, lọ́tọ̀ ni kó o kọ ọ́: ṣíbí ọbẹ̀ kan ń lọ sí kálórì 120.

Bàbá Ìbejì, Iléṣà: Ẹ̀yin ará Ifẹ̀, ìrẹsì nìkan lẹ mọ̀. Dókítà ní kí n dín oúnjẹ kù. Ṣé ohun tí ẹ ń sọ ni pé kí ọmọ Ìjẹ̀ṣà fi iyán sílẹ̀?

Tíṣà: Rárá o, Bàbá, ọ̀rọ̀ ìwọ̀n là ń sọ. Àmọ́ ẹ ti ràn wá lọ́wọ́, torí isu ló ba 3 jẹ́. Omi ti wà lára isu látoko, nítorí náà bí ẹ bá bó 600, tí ẹ sè é, á fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 600 náà ni. Ẹni tó bá fi 3 pín in ti ju ìdá méjì nínú mẹ́ta oúnjẹ rẹ̀ nù lórí ìwé. Ẹ kọ́kọ́ bó èèpo kúrò kẹ́ ẹ tó wọ̀n ọ́n ṣá. Ìgbà tí ẹ bá ń gún un, tí ẹ ń bu omi sí i nínú odó, ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wúwo. Bí 600 bá di iyán 720, 1.2 nìyẹn. Iyán tó jẹ́ 360, isu 300 ni, nǹkan bí kálórì 350.

Atúmọ̀-èdè: Ó dáa, mo gbà pé “tútù” kò bá ìrẹsì mu. “Gbígbẹ” náà kò sì lè bá isu mu. “Ìwọ̀n àìsè” ńkọ́?

Ìyá Alásè: “Àìsè” dà bí ẹni pé mi ò dáná lónìí.

Akẹ́kọ̀ọ́: “Kó-tó-dé-iná” ni mo kọ sínú ìwé mi. Mo wá kọ “wíwú 2.8” sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Atúmọ̀-èdè: “Wíwú” dára, mo gbà á. Ṣùgbọ́n gbólóhùn ni “kó-tó-dé-iná”, kì í ṣe orúkọ.

Tíṣà: Dágunró àti patọnmọ́ ńkọ́? Ṣebí gbólóhùn làwọn náà.

Atúmọ̀-èdè: Ewé nìyẹn, sà. Ẹ jẹ́ kí n rò ó wò ná.