Láàbù yunifásítì àbí iléeṣẹ́ lẹ́yìn oyè ọ̀mọ̀wé: ẹ sọ bí tiyín ṣe lọ

Akẹ́mísìrì:
Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ilé. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba oyè ọ̀mọ̀wé kì í yé béèrè lọ́wọ́ mi bóyá kí àwọn dúró ṣe póósìdọ́ọ̀kì, ìyẹn iṣẹ́ ìwádìí onígbà díẹ̀ lábẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n, ni, àbí kí àwọn gba iṣẹ́ iléeṣẹ́. Bí wọ́n ṣe máa ń gbé e kalẹ̀, òmìnira wà lápá kan, owó wà lápá kejì. Ohun tójú tèmi rí kò rí bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ méjì ló wà nílẹ̀ fún mi nígbà tí mò ń parí àpilẹ̀kọ mi: póósìdọ́ọ̀kì ọlọ́dún méjì lọ́dọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n kan tí orúkọ rẹ̀ ń dún, àti iṣẹ́ ìwádìí níléeṣẹ́ tó ń ṣe ọ̀dà ìkunlé. Mo bi ọ̀jọ̀gbọ́n pé, àwọn tó ṣe póósìdọ́ọ̀kì lọ́dọ̀ yín kẹ́yìn, ibo ni wọ́n wà báyìí? Wéré ló dáhùn. Mo tún bi í pé, bí mo bá ń lọ, apá wo nínú iṣẹ́ yìí ni mo lè gbé lọ fi dá láàbù tèmi sílẹ̀? Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní a ó sọ ọ́ bó bá yá. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ìgbìmọ̀ tó ń gba olùkọ́ kì í wo iye pépà nìkan. Wọ́n á ní kí o kọ ètò ìwádìí rẹ sílẹ̀, wọ́n á sì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó yàtọ̀ sí ti ọ̀gá rẹ. Bí ohun kan náà lẹ jọ ń ṣe, owó ìwádìí kan náà lẹ ó jọ máa dù. Ta ni wọ́n máa fún nínú ẹ̀yin méjèèjì?

Mo yí sọ́dọ̀ àwọn ọlọ́dà, mo ní ṣé wọ́n á jẹ́ kí n máa tẹ pépà jáde. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní kí wọ́n fi èyí tí ẹ̀ka náà tẹ̀ jáde láìpẹ́ hàn mí. Páténtì ni wọ́n kó jáde, n ò rí pépà kankan. Wọn ò purọ́ ṣá o. Bí àbájáde bá ti jáde nínú jọ́nà tàbí ní àpérò kí wọ́n tó fi ìwé páténtì sílẹ̀, páténtì ti bọ́ nìyẹn ní Yúróòpù. Amẹ́ríkà ní tiwọn fún oníhùmọ̀ ní ọdún kan lẹ́yìn tó bá ti jáde láti fi ìwé sílẹ̀. Nítorí náà lọ́yà iléeṣẹ́ ló máa ń kọ́kọ́ ka ohun tí o bá kọ, kì í sì í kánjú.

Iṣẹ́ ọ̀dà ni mo gbà. Ọ̀dà tí oòrùn kò ní tètè mú ṣá là ń wá. A máa ń kun pátákó kéékèèké, a ó tò wọ́n sínú ẹ̀rọ tó ń tan ìtànṣán bíi ti oòrùn tó sì ń fín omi sí wọn, a ó wá máa yọ wọ́n wò láti mọ bí dídán wọn ṣe dínkù sí. Tiwa dúró dáadáa ju èyí tó wà lọ́jà. Àfi bí máníjà ṣe dé lówùúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ó ní ká dáwọ́ dúró. Èròjà kan nínú rẹ̀ ti wọ́n jù, àwọn tó ń tajà sì ní oníbàárà kò ní san iye yẹn. Kó tó di ọjọ́ Ẹtì, wọ́n ti pín wa síbòmíì. Àṣìṣe kankan kò sí nínú iṣẹ́ wa. Ká ní yunifásítì ni, pépà ni ǹ bá fi kọ. Ẹni tí irú èyí bá máa dùn dé egungun, kó rò ó dáadáa kó tó wọ iléeṣẹ́. Èmi? Inú bí mi di ọ̀sẹ̀ kejì, mo sì bá iṣẹ́ tuntun lọ.

Ọmọ Físíìsì:
Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Ohun tó ń dẹ́rù bà mí ni pé ẹni tó bá ti jáde, ó ti jáde nìyẹn. Aago ń lọ. Ẹ wo póósìdọ́ọ̀kì Marie Skłodowska-Curie tí Yúróòpù ń sanwó fún, ọdún 8 péré lẹ́yìn oyè ọ̀mọ̀wé ni wọ́n ń gbà. Ẹni tó lo ọdún 8 níléeṣẹ́, kí ló fẹ́ fi bẹ̀bẹ̀?

Ìyá Láàbù:
Àbúrò, ìdajì òótọ́ lo sọ. Ọdún tí èèyàn fi ṣe ohun tí kì í ṣe ìwádìí, wọn kì í kà á mọ́ ọdún 8 yẹn. Ìwádìí tí o bá ṣe níléeṣẹ́ ni wọ́n máa kà. Ó pa mí lẹ́rìn-ín nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á: ẹni tó lọ tajà, aago rẹ̀ dúró, ẹni tó ń ṣe ìwádìí níléeṣẹ́, tirẹ̀ ń lọ. Má sì rò pé ẹni tó jókòó sí yunifásítì bọ́ lọ́wọ́ aago. Ẹ wo K99, owó ìwádìí ti NIH, àjọ ìwádìí ìlera ìjọba Amẹ́ríkà: ẹni tó bá ti ní ìrírí póósìdọ́ọ̀kì tó ju ọdún 4 lọ kò lè bèèrè fún un.

Èmi lọ sí iléeṣẹ́, mo sì padà sí yunifásítì. Kí n tó fọwọ́ sí àdéhùn iléeṣẹ́, mo ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé mo lè máa bá láàbù mi àtijọ́ ṣiṣẹ́ lórí ohun tí kò kan ọjà wọn. Wọ́n gbà. Bí wọ́n bá ti gbà ọ́ síṣẹ́ tán kí o tó béèrè, wọn ò ní dá ọ lóhùn. Nǹkan bíi pépà kan lọ́dún ló ń ti ibẹ̀ jáde, òun ni kò jẹ́ kí sííví mi ṣófo. Ìmọ̀ ẹ̀rọ ni ẹ̀ka mi o, níbi tí ìgbìmọ̀ ti ń ka páténtì sí. Mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà fún onímọ̀ ìṣirò pọ́ńbélé.

Alákọ̀wé Tuntun:
Ẹ jọ̀ọ́, máásítà lèmi ní. Ṣé kí n lọ ṣe oyè ọ̀mọ̀wé kí iléeṣẹ́ lè gbà mí?

Akẹ́mísìrì:
Ìyẹn ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀. Iléeṣẹ́ ń gba onímáásítà. Ibi tí wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀ sí í pè ọ́ kó o darí iṣẹ́ ni àìní oyè ọ̀mọ̀wé ti sábà máa ń dí èèyàn lọ́nà. Wo ìpolówó irú ipò tí o ń fẹ́ lọ́dún márùn-ún sí i, kó o wo oyè tí wọ́n béèrè.

Arìnrìn-àjò:
Póósìdọ́ọ̀kì kẹta ni mo wà yìí. Iṣẹ́ náà dùn mọ́ mi, mi ò ní parọ́. Àdéhùn ọlọ́dún méjì-méjì ni kò dùn: ọdún kìíní kò tíì parí tí mo ti ń kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́ mìíràn. Ìbéèrè tí ẹ̀gbọ́n Akẹ́mísìrì bi ọ̀jọ̀gbọ́n yẹn, èmi ò lè bi ọ̀gá mi. Ẹni tó máa kọ lẹ́tà ẹ̀rí fún mi lọ́la, kí n máa bá a pín iṣẹ́ lónìí?

Ọmọ Físíìsì:
Ohun tó ń dà mí láàmú náà nìyẹn. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ń retí èsì mi lórí póósìdọ́ọ̀kì kan. Báwo lèèyàn ṣe ń béèrè rẹ̀ tí kò ní dà bí ẹni tó ti ń di ẹrù?

Ìyá Láàbù:
Fi ọ̀rọ̀ owó ìwádìí gbé e wọlé. Kọ ọ́ báyìí: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fẹ́ bèèrè owó ìwádìí ní orúkọ ara mi bó bá di ọdún kejì. Apá wo nínú iṣẹ́ yìí lẹ rò pé mo lè kọ sínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi tèmi?" Ọ̀jọ̀gbọ́n tó bá dárúkọ apá kan pàtó fún ọ, gba iṣẹ́ rẹ̀.

Arìnrìn-àjò:
Mà á, ọ̀jọ̀gbọ́n tiwa dárúkọ apá kan fún èmi náà. Nígbà tó yá, ó fún akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn.

Ìyá Láàbù:
Ṣé ó kọ ọ́ sílẹ̀, àbí ẹnu ló fi sọ ọ́?