Ṣé “Cordialement” tó àbí kò tó? Bí a ṣe ń parí ímeèlì Faransé sí ẹni tó jù wá lọ

Ọmọ Ọ̀yọ́ ní Líìlì
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Mo fẹ́ kọ ímeèlì sí ọ̀gá tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ níbi iṣẹ́ mi, kí ó bá mi kọ ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ tí màá fi tún ìwé ìgbélùú mi gbà. Obìnrin ni, a ò sì bára wa sọ̀rọ̀ rí. “Cordialement” la máa ń kọ síra wa ní ọ́fíìsì. Ṣé kí n fi í parí ti ìyá yìí náà, àbí gbólóhùn gígùn tí wọ́n ń kọ sínú lẹ́tà ni kí n lò?

Ẹ̀gbọ́n Gúrénóbù
Àbúrò, “Cordialement” tó fún gbogbo èèyàn. Ayé ti yí, kò sẹ́ni tó tún ń kọ “Veuillez agréer” mọ́. Èmi a tiẹ̀ máa gé e sí “Cdt”, wọn a sì dá mi lóhùn.

Ìyá Akọ̀wé, Páríìsì
Ẹ̀gbọ́n, ìdajì ọ̀rọ̀ yín lòótọ́. Láàárín àwọn tó jọ ń ṣiṣẹ́ pọ̀, “Cordialement” ni oúnjẹ òòjọ́, kò sẹ́ni tó máa bínú sí i. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi “Cdt” sílẹ̀. Ẹni tó bá gbà á máa ń kà á pé ẹni tó kọ ọ́ kò rí àyè kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tán fún òun. Láàárín ẹgbẹ́, ó lè kọjá. Sí ọ̀gá, àbùkù ni.

Ọmọ Ọ̀yọ́, ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ wò ni bí ẹ ṣe máa kí i lókè, torí ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ bá òkè mu. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “Bonjour”, ẹ ti ṣílẹ̀kùn fún “Cordialement” tàbí “Bien cordialement”. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “Madame la Directrice,” tí ẹ wá parí pẹ̀lú “Cordialement” lásán, ó dà bí ẹni tó dọ̀bálẹ̀ nígbà tó wọlé, tó wá juwọ́ nígbà tó ń jáde.

Ẹ ò bá a sọ̀rọ̀ rí, ó jù yín lọ, ẹ sì ń tọrọ nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ti ímeèlì àkọ́kọ́ yìí, ẹ lo èyí tó gùn, ṣùgbọ́n kí ó má gùn jù. Ìjókòó rẹ̀ nìyí: ọ̀rọ̀ tó so ó mọ́ ohun tí ẹ béèrè ló ń ṣíwájú, lẹ́yìn náà “je vous prie d'agréer”, lẹ́yìn náà bí ẹ ṣe pè é lókè gan-an, kí kọ́mà wà níwájú rẹ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀, kí ìkíni wá kẹ́yìn.

Ọmọ Ọ̀yọ́ ní Líìlì
Ẹ ṣeun mà. Ohun tí mo kọ nìyí:

```
Madame la Directrice,

Afin de renouveler mon titre de séjour, je souhaiterais
obtenir une attestation de travail mentionnant ma date
d'embauche et mon poste.

Dans l'attente de votre réponse, veuillez agréer Madame
l'expression de mes salutations distinguées.

Cordialement,
```

Ìyá Akọ̀wé, Páríìsì
Òkè dára. Ìsàlẹ̀ la máa tún ṣe.

“Dans l'attente de votre réponse” ń sọ ẹni tó ń dúró de èsì. Ta ló ń dúró? Ẹ̀yin ni. Nítorí náà “je” ló gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá fi “veuillez” tẹ̀ lé e, ẹ ti sọ ọ́ di pé ọ̀gá ló ń dúró de èsì ara rẹ̀. Inú ímeèlì àwọn ọmọ Faransé fúnra wọn ni àṣìṣe yìí pọ̀ sí, ṣùgbọ́n àwọn àkọ̀wé àgbà máa ń rí i lójú ẹsẹ̀. Bákan náà ló rí fún “En vous remerciant par avance”: “je” ni kó tẹ̀ lé e.

Ìdí kejì tí mo fi yọ “veuillez” kúrò ni pé àṣẹ ni, bó ti wù kí wọ́n fi ìwà pẹ̀lẹ́ bò ó. Ẹ lè lò ó sí ẹgbẹ́ yín, tàbí sí ilé iṣẹ́ tí ẹ ò mọ ẹni tó máa ka ìwé yín níbẹ̀. Sí ẹni tó jù yín lọ, “je vous prie” ló rẹlẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ pè é ní “Madame la Directrice” lókè, ẹ wá gé e kù sí “Madame” nísàlẹ̀. Bí ẹ ṣe pè é lókè ni kí ẹ tún un pè, láìyọ ọ̀rọ̀ kan. Ẹ má sì fi orúkọ ìdílé rẹ̀ sáàárín ibẹ̀.

“L'expression de mes salutations” náà máa ń bí àwọn tó lójú sí èdè nínú, torí ìkíni kì í ṣe ohun tí èèyàn tún ń “sọ jáde”. Bí “expression” bá wà níbẹ̀, “sentiments” ló ń bá a rìn: “l'expression de mes sentiments respectueux”. Bí “salutations” bá ni ẹ fẹ́, ẹ kọ “mes salutations respectueuses” gbọnrangandan.

Ní ti “Cordialement” tó wà nísàlẹ̀ pátápátá yẹn, mo fura pé inú ìbuwọ́lù ímeèlì tó ń jáde fúnra rẹ̀ ló ti wá. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ètò ìbuwọ́lù yín, kí orúkọ, iṣẹ́ àti nọ́ńbà fóònù nìkan ṣẹ́ kù, kí ẹ máa fọwọ́ kọ ìparí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Gbólóhùn gígùn ń parí pẹ̀lú àmì ìdánudúró, orúkọ yín ló kàn, kò tún sí nǹkan mìíràn láàárín wọn.

```
Dans l'attente de votre réponse, je vous prie d'agréer,
Madame la Directrice, mes salutations respectueuses.

Prénom Nom
```

Ẹ kíyè sí i pé “agréer” ni, kì í ṣe “agréé”. Ètí kò gbọ́ ìyàtọ̀, ojú ló ń rí i.

Ẹ̀gbọ́n Gúrénóbù
Mo gbà fún yín lórí “Cdt”. Ṣùgbọ́n bí ìyá náà bá dáhùn pé “Bonjour, c'est fait. Cordialement”, ṣé ọmọ yìí á tún máa bá “je vous prie d'agréer” lọ ni?

Ìyá Akọ̀wé, Páríìsì
Rárá o. Ẹni tó wà lókè ló ń kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀. Bó bá ti sọ̀, ẹ lè tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n ẹ má sọ̀ ju ibi tó dúró lọ. Èsì yẹn á jẹ́ “Bonjour Madame, je vous remercie”, kí “Bien cordialement” wá kẹ́yìn. Bó bá tiẹ̀ fi orúkọ àbísọ rẹ̀ nìkan parí, ẹ ṣì máa pè é ní “Madame” títí yóò fi sọ pé kí ẹ máa fi orúkọ pe òun.

Ìyá Ìbejì, Nántì
Ẹ bá mi dá sí tèmi náà. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ mo ní láti kọ̀wé sí onílé mi àtijọ́ tó kọ̀ láti dá owó ìdúró mi padà. Inú ń bí mi. Mi ò fẹ́ kí i rárá. Ṣé mo lè kàn kọ orúkọ mi síbẹ̀?

Bàbá Àjàṣẹ́
Ẹ kí i, mà. Ìwé tó lè dé iwájú adájọ́ kì í ṣe ibi tí a ti ń bínú nísàlẹ̀. Òtútù la fi ń bínú ní Faransé. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “Monsieur,” nìkan, láìsí “Cher”, kí ẹ parí pẹ̀lú “Veuillez agréer, Monsieur, mes salutations distinguées.” Kò sí ọ̀yàyà nínú rẹ̀, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè tọ́ka sí pé ẹ ṣe àfojúdi. “Cordialement” kò yẹ níbẹ̀, torí ẹni tó ń halẹ̀ ilé ẹjọ́ kì í tún rẹ́rìn-ín músẹ́. “Salutations” lásán, láìsí ohun tó tẹ̀ lé e, le ju bó ṣe yẹ lọ.

Ẹ fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ ní recommandé avec accusé de réception. Bí ẹ bá tún fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ nínú ímeèlì, inú lẹ́tà ni kí gbólóhùn gígùn wà. Ímeèlì tó gbé e wá lè kúrú.

Kí n fi ti ilé kún un: ẹ̀yin tó ń kọ̀wé sí ọ́fíìsì ìjọba ní Kútọnu tàbí Àjàṣẹ́, ẹ má gbé àṣà Páríìsì lọ síbẹ̀. Oyè kì í tètè bọ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa. “Monsieur le Directeur Général” lókè, òun náà ni nísàlẹ̀, ẹ ó sì rí “l'assurance de ma haute considération” nínú ìwé tó ń lọ sọ́dọ̀ àwọn olóyè ńlá.

Akẹ́kọ̀ọ́ Túlúùsì
Ẹ kú iṣẹ́ sà. Ṣé mo lè fi irú “considération” yẹn, bíi “considération distinguée”, parí ímeèlì sí ọ̀jọ̀gbọ́n mi? Ó dùn létí.

Ìyá Akọ̀wé, Páríìsì
Má ṣe é, ọmọ mi. “L'assurance de ma considération distinguée” láìsí “haute”, ẹgbẹ́ sí ẹgbẹ́ ni, tàbí ọ̀gá sí ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fún ọ̀jọ̀gbọ́n ní “considération” ti ń gbé e wò lórí òṣùwọ̀n. “Recevez, Monsieur” náà rí bẹ́ẹ̀, òkè ló ti ń wá sísàlẹ̀. Bí o kò bá tíì mọ̀ ọ́n, kọ “Je vous prie d'agréer, Monsieur, mes salutations respectueuses.” Bó bá ti mọ̀ ọ́, “Bien cordialement” tó.

Akẹ́kọ̀ọ́ Túlúùsì
“Respectueusement” nìkan ńkọ́ mà? Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń lò ó.

Ìyá Akọ̀wé, Páríìsì
Èmi kì í lò ó níbi iṣẹ́. Ó ń fi ara ẹni sísàlẹ̀ jù, ó sì jọ ti ológun.

Bàbá Àjàṣẹ́
Mi ò gbà. Láti ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ sí ọ̀jọ̀gbọ́n tó dàgbà, kò sí ohun tó ṣe é. Lẹ́nu òṣìṣẹ́ sí ọ̀gá ní ilé iṣẹ́ aládàáni ló ti ń dún bákan.

Ẹ̀gbọ́n Gúrénóbù
“Bien à vous” ńkọ́? Ọ̀gá mi máa ń fi parí ìwé rẹ̀ sí mi.

Ìyá Akọ̀wé, Páríìsì
Ẹ jẹ́ kí ó máa kọ ọ́ sí yín. Ẹ̀yin, ẹ máa fi “Bien cordialement” dáhùn. Àwọn kan kà á sí ọ̀yàyà, àwọn kan kà á sí ọ̀rọ̀ ọ̀gá sí ọmọọṣẹ́, èyí tí ọ̀gá yín sì ń rò kò hàn lójú ìwé.

Ìyá Ìbejì, Nántì
Agbẹjọ́rò ni mo máa kọ̀wé sí lẹ́yìn onílé yìí o. Òun náà “Monsieur” ni?

Bàbá Àjàṣẹ́
“Maître” ni, ọkùnrin tàbí obìnrin, lókè àti nísàlẹ̀: “Je vous prie d'agréer, Maître, mes salutations distinguées.” Ti nótérì náà rí bẹ́ẹ̀.