Rọ́sìkì nínú fídà: ṣé ọmọ máa ń sùn sí i lóòótọ́?

Ìyá Mofẹ́ (Pẹ́kàmù, Lọ́ńdọ̀nù)

Ẹ kú ilé o. Màmá ọkọ mi wà lọ́dọ̀ wa láti bá wa wo ọmọ. Mofẹ́ ti pé oṣù mẹ́ta, ó sì ń jí lóru. Màmá ní ebi ló ń pa á. Tó bá di alẹ́, wọ́n á po mílíìkì 180 mílílítà, wọ́n á rún odidi rọ́sìkì kan, bísíkíìtì líle tí wọ́n ń ṣe fún ọmọ ọwọ́, sí i, wọ́n á mi fídà náà títí tí yóò fi ki. Nígbà tí ọmọ ò rí i fà, wọ́n ki abẹ́rẹ́ bọ iná, wọ́n fi la ojú ihò orí fídà sí i. Wọn kì í ṣe ẹni tí kò mọ ọmọ tọ́ o. Wọ́n ti gbé Lọ́ńdọ̀nù yìí rí láyé ọjọ́un, ibí ni wọ́n ti bí ọkọ mi, rọ́sìkì yìí kan náà ni wọ́n sì fi tọ́ ọ.

Mi ò bá wọn jà. Mo kàn lẹ bébà kan mọ́ ara fíríìjì, mò ń kọ aago tí ọmọ bá jí sí i. Ẹ wo alẹ́ méjì tó tẹ̀ léra. Alẹ́ tó mu rọ́sìkì: ó sùn ní aago mẹ́jọ, ó jí ní 1:20, ó tún jí ní 3:50. Alẹ́ tí màmá lọ ìṣọ́ òru ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí mo fún un ní mílíìkì lásán: aago mẹ́jọ, 1:10, 4:15. Bí àwọn yòókù ṣe rí náà nìyẹn. Ibi tí ìyàtọ̀ wà ni ojúmọ́. Tó bá ti mu rọ́sìkì sùn, kì í mu fídà àárọ̀ tán, ìgbẹ́ rẹ̀ sì ti gbẹ kóróbójó bíi ti ewúrẹ́. Ojú rẹ̀ á pọ́n kó tó rí i yà.

Ẹ̀yin tí irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ yín, ẹ gbà mí.

Ìyá Ìbejì (Ìbàdàn)

Ẹ má bínú sí mi o, tèmi ṣiṣẹ́. Kì í ṣe rọ́sìkì, ògì ni. Nígbà tí àwọn ìbejì mi wọ oṣù kẹrin, mo ń ro ògì tó ṣàn, mo ń pò ó mọ́ mílíìkì nínú fídà. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, Táíwò ti ń sùn di ìdájí. Kẹ́hìndé nìkan ni kò gbà, ṣùgbọ́n ojú tirẹ̀ dá láti inú ikùn, ìyẹn kì í sùn.

Bàbá Tiwa (Hústọ̀n)

Ẹ ṣọ́ra fún rọ́sìkì o. Ọmọ mi obìnrin, nígbà tó ń hu eyín ní oṣù mẹ́jọ, a fún un ní ọ̀kan kó máa ha á jẹ. Ó ya wẹ́lẹ́ sí i lẹ́nu, ó há a, àfi ìgbà tí ìyá rẹ̀ dojú rẹ̀ délẹ̀ tó gbá a lẹ́yìn. Ẹ jókòó tì í tó bá ń jẹ ẹ́.

Ìyá Mofẹ́

Ẹ kú orí ire, Bàbá Tiwa. Ṣùgbọ́n tiwa yìí, inú fídà ni wọ́n ń rún un sí. Mofẹ́ ò tíì léyín kankan.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́ (Máńṣẹ́sítà)

Ìyá Ìbejì, ẹ ti dáhùn ìbéèrè yìí láìmọ̀. Ìkòkò ògì kan, ọmọ méjì, ọ̀kan sùn, èkejì ò sùn. Láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà, ọ̀pọ̀ ọmọ ló máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í sùn pẹ́ fúnra wọn, ìgbà yẹn gan-an ló sì máa ń rẹ ìyá débi pé yóò wá nǹkan fi sí fídà. Ohunkóhun tẹ́ ẹ bá fi síbẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí oorun dé ni yóò gba ọpẹ́.

Àwọn dókítà kan ní Kílífúláǹdì lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ti dán an wò, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1989. Ọmọ 106 ni. Wọ́n pín wọn sí méjì: àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í mu ìyẹ̀fun ìrẹsì nínú fídà kí wọ́n tó sùn láti ọ̀sẹ̀ karùn-ún, àwọn yòókù dúró di oṣù kẹrin. Àwọn òbí ń kọ oorun ọmọ sílẹ̀ bí Ìyá Mofẹ́ ṣe ń kọ ọ́ yìí. Nígbà tí wọ́n kó o jọ, àwọn tó tètè bẹ̀rẹ̀ kò fi ohun kan sùn ju àwọn tó dúró lọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò fídà màmá. Mílíìkì 180 mílílítà tí wọ́n pò bó ṣe yẹ ní nǹkan bíi kálórì 120. Rọ́sìkì kan á fi bíi 70 kún un, ìyẹn sì tó ohun tó wà nínú mílíìkì bíi 100 mílílítà. Ọmọ tí ara rẹ̀ dá mọ ohun tó máa yó o láti òwúrọ̀ dòru. Ohun tí wọ́n bá fi lé e lálẹ́, yóò yọ ọ́ kúrò nínú ti ọjọ́ kejì. Ìdí rèé tí kò fi mu fídà àárọ̀ tán. Ọ̀rá àti purotéènì tó yẹ kó wá látinú mílíìkì tó kọ̀ sílẹ̀ ti lọ nìyẹn, àlìkámà àti ṣúgà ló dípò wọn. Ọmọ tí kò bá sì yọ ọ́, á kàn máa sanra ju bó ṣe yẹ lọ.

Ebi nìkan kọ́ ló sì ń jí ọmọ. Oorun ọmọ kékeré máa ń yí po, ìyípo kan tó bíi wákàtí kan, tí ìyípo bá ti fẹ́ parí, oorun á fúyẹ́. Ọmọ kan á nara, á tún sùn padà. Òmíràn á ké. Kí mílíìkì ki bí ẹ̀kọ, ìyẹn ò kan ibẹ̀ rárá. Ti ebi náà tún wà, nítorí ọmọ oṣù mẹ́ta ṣì lè fẹ́ mu nǹkan lóru, kò sì sí àìsàn níbẹ̀.

Orí fídà tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ là yẹn, ẹ sọ ọ́ nù lónìí. Nígbà tí fídà bá ní mílíìkì lásán nínú, yóò máa tú lé ọmọ lẹ́nu ju bó ṣe lè gbé mì lọ.

Ìyá Dárà (Abẹ́òkúta)

Òótọ́ lẹ sọ nípa orí fídà. Ẹni tó ń bá mi gbé ọmọ nígbà tí mo padà síṣẹ́ fi ìyókù ògì sí fídà Dárà, ó sì fi abẹ́ la orí rẹ̀. Mo wọlé, mo bá ọmọ tí ikọ́ gba ẹnu rẹ̀, mílíìkì ń gba imú jáde. Nọ́ọ̀sì tó yẹ̀ ẹ́ wò ní ó lè gba ọ̀nà èémí lọ. Ọlọ́run ló yọ wá.

Àmọ́ ìbéèrè mi ni pé dókítà ọmọdé sọ fún ẹ̀gbọ́n mi kó máa fi nǹkan ki mílíìkì ọmọ tirẹ̀, nítorí pé ó ń pọ̀ ọ́ jáde ṣáá. Ṣé dókítà náà ṣì í ni?

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́

Kò ṣì í. Ti ọmọ tó ń pọ̀ mílíìkì jáde débi pé kò dàgbà dáadáa yàtọ̀. Torí kí mílíìkì má baà máa yọ padà ni wọ́n ṣe ń ki í, kì í ṣe torí oorun. Dókítà ló máa sọ ohun tí wọ́n máa fi ki í, iye rẹ̀, àti irú orí fídà tó yẹ; mílíìkì tí wọ́n ti ki láti ilé iṣẹ́ náà wà. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà ní kí wọ́n lo óòtì dípò ìrẹsì fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, nítorí àséníìkì, májèlé kan tó máa ń wà nínú ìrẹsì. Kí ẹ̀gbọ́n yín tẹ̀ lé ohun tí dókítà wọn bá sọ, kí wọ́n má ṣe wo ṣíbí ẹlòmíràn.

Bọ̀dé (Lẹ́wíṣámù)

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ tán o. Ìwádìí mìíràn wà níbí, ní 2018, ọmọ 1,303 ní Íńgílándì àti Wélísì. Àwọn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún lóúnjẹ láti oṣù kẹta sùn ju àwọn tó dúró di oṣù kẹfà lọ. Èmi àti ìyàwó mi kà á. Ẹ má sọ pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́

Ó wà, Bọ̀dé, mi ò sì ní bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ wo bó ṣe tó: ìgbà tí ìyàtọ̀ náà pọ̀ jù, ní oṣù kẹfà, kò ju ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún lóru. Ìyá tí wọ́n ń jí lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á ṣì máa jí i. Lẹ́yìn náà, ọmọ ọmú ni gbogbo wọn, oúnjẹ lọ́tọ̀ ni wọ́n sì fún wọn, títí kan ẹyin àti ẹ̀pà. Kì í ṣe ohun tí wọ́n rún sínú fídà. Àwọn kan níbi iṣẹ́ mi gbà pé ebi ló fà á, àwọn kan ò gbà. Ìmọ̀ràn ìjọba níbí ò yí padà síbẹ̀: oúnjẹ di nǹkan bí oṣù mẹ́fà, ohunkóhun ò sì gbọ́dọ̀ wọ inú fídà mọ́ mílíìkì.

Bọ̀dé

Ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún ni mo fi ń wá ìbọ̀sẹ̀ láàárọ̀. Ó níye lórí lójú tèmi.

Ìyá Mofẹ́

Mo fi bébà ara fíríìjì han màmá. Wọ́n wò ó pẹ́, wọ́n ní kí n gbé awò wọn wá. Wọ́n wá ní láyé ìgbà náà, iṣẹ́ alẹ́ ni àwọn ń ṣe, ìyá òyìnbó kan ní òpópónà àwọn ni ọmọ ń sùn sí. Òun ló kọ́ wọn ní rọ́sìkì, òun náà ló ń sọ fún wọn láràárọ̀ pé ọmọ sùn dáadáa. Mo bi wọ́n pé ṣé wọ́n fi ojú ara wọn rí i. Wọ́n ní, "Níbo ni mo ti fẹ́ rí i, nígbà tí mo wà níbi iṣẹ́?"

A ti ra orí fídà tuntun. Màmá ṣì ní Mofẹ́ rù, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì tó ń wá wo ọmọ nílé wọ̀n ọ́n, ó ní ó wà lójú ìlà ìdàgbàsókè rẹ̀. Ìgbẹ́ ti ń rọ̀. Ó ṣì ń jí ní aago kan o! Màmá wá ń béèrè nípa mílíìkì tí wọ́n kọ sí lára pé ó wà fún ọmọ tí ebi ń pa.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́

Purotéènì tó ń pẹ́ kó tó dà ló pọ̀ nínú ìyẹn. Kò sí ẹ̀rí pé ó ń mú ọmọ sùn sí i. Èyí tẹ́ ẹ ń lò tẹ́lẹ̀ náà ni kẹ́ ẹ máa lò: ṣíbí inú agolo kan tó kún déédéé, tẹ́ ẹ ti fi ọ̀bẹ gé orí rẹ̀, sí omi 30 mílílítà. Kí màmá má fi ṣíbí kan lé e pé kó lè yó o, ìyẹn á gbẹ ọmọ lómi lára. Ẹ máa wo páńpáàsì. Tó bá ń tọ̀ ọ́ tó mẹ́fà lóòjọ́, tí ìwọ̀n rẹ̀ sì ń gòkè, mílíìkì ń tó o.

Ìyá Ìbejì

Àbúrò mi bí ní Ọ̀yọ́, ọmọ rẹ̀ wà ní oṣù márùn-ún. Mo ti gbé ògì ránṣẹ́ sí i ná.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́

Kó gbé e sí fírísà di oṣù kẹfà. Tí àkókò bá tó, inú abọ́ ni kó rò ó sí, kó ki débi tí kò ní dà sílẹ̀ lórí ṣíbí, kó fi ẹ̀wà tàbí edé lílọ̀ sí i. Ọ̀sán ni kó ti bẹ̀rẹ̀, kó lè máa wò ó bí ó ṣe ń gbé e mì.