Kí la máa pe àkókò tí táǹkì fi ń ṣàn tán láti ihò ìdí rẹ̀?

Atúmọ̀ kọ̀wé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ìwé físíìsì fún àwọn ọmọ girama ni mò ń túmọ̀. Táǹkì kan kún fún omi, ihò kékeré kan wà nídìí rẹ̀, wọ́n ní kí á ṣírò bó ṣe máa pẹ́ tó kí omi náà tó tán. Mo pè é ní "àkókò gbígbẹ táǹkì", mo sì pe gíga omi tó wà lókè ihò ní "orí omi". Ṣé wọ́n bá a mu? Kí ni kí n pe omi tó ń tú jáde náà fúnra rẹ̀?

Onígírámà dáhùn:

Àbúrò mi, yọ "orí omi" kúrò. Ẹni tó bá gbọ́ "orí omi", ojú omi ló máa rò, níbi tí ewé ti ń léfòó. Ohun tí ìwé rẹ ń wí ni bí omi ṣe ga tó láti ihò dé ojú omi. "Gíga omi" tó bẹ́ẹ̀, kò sì ní da ọmọ kankan láàmú.

"Gbígbẹ" náà ń ṣini lọ́nà. Aṣọ ń gbẹ, odò ń gbẹ, omi wọn ń lọ láìjẹ́ pé a rí ibi tó gbà. Omi táǹkì yìí ní ojú ọ̀nà kan tó ń gbà. Bẹ́ẹ̀ ni mi ò fẹ́ "ìjò", torí ohun tó bá ń jò ti ní àbùkù, ihò yìí sì jẹ́ èyí tí wọ́n dìídì lù. Mo dá "ìṣàntán" lábàá: ó ń ṣàn, ó sì ń tán. "Àkókò ìṣàntán" á wá jẹ́ iye ìṣẹ́jú láti ìgbà tí a ṣí ihò títí omi fi tán. Ní ti omi tó ń tú jáde, ẹ jẹ́ ká pè é ní "okùn omi". Ẹni tó bá ti wò ó nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde á mọ̀ pé ó ń dán, ó rí gbọọrọ, kò mì, bí okùn tí wọ́n nà.

Oníṣirò:

Mo fara mọ́ "ìṣàntán" àti "okùn omi", ẹ̀gbọ́n. Àmọ́ ìṣirò náà kò le tó bí ẹ ṣe ń rò ó. Torricelli, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Ítálì, ti sọ ọ́ láti 1644 pé eré tí omi fi ń jáde dọ́gba pẹ̀lú eré ohun tó já bọ́ láti ojú omi dé ihò, ìyẹn `v = √(2gh)`: `v` ni eré omi, `h` ni gíga omi, `g` sì ni bí òòfà ilẹ̀ ṣe ń mú ohun tó ń já bọ́ yára sí i. Mo ní táǹkì roboto kan tí ògiri rẹ̀ dúró ṣánṣán. Ìdábùú rẹ̀ jẹ́ mítà 1, omi inú rẹ̀ ga ní mítà 1.2, ìdábùú ihò sì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 2. Mo ṣírò rẹ̀, ó fún mi ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 àti ààbọ̀.

Mo tún dán an wò. Nígbà tó pé ìṣẹ́jú 10, omi ti wálẹ̀ dé ìdajì. Ìdajì ní ìṣẹ́jú 10, gbogbo rẹ̀ ní 20. Ìṣirò àti táǹkì bára wọn mu, mo bá lọ. Àtúmọ̀ kò nílò ọ̀rọ̀ mìíràn.

Ìyá Akẹ́kọ̀ọ́:

Ẹ jọ̀ọ́, èmi náà ti jìyà ọ̀rọ̀ yìí. A ṣí ihò ìdí táǹkì wa kí a lè fọ̀ ọ́. Omi tú yàà fún ìgbà díẹ̀, ló bá ń rọ̀, ló bá ń ta gọ́gọ́gọ́, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró nígbà tí omi ṣì ju ìdajì lọ. A rò pé ìdọ̀tí ló dí ihò, a ti igi bọ̀ ọ́, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ṣé ohun tí ẹ ń pè ní ìṣàntán nìyẹn?

Bàbá Ẹlẹ́rọ:

Ìyá wa, ẹ pẹ̀lẹ́. Tiyín yàtọ̀ sí ohun tí Atúmọ̀ ń béèrè. Ẹ lọ wo ìdérí táǹkì yẹn: ó dé pinpin, atẹ́gùn kò rí ibi wọlé dípò omi tó jáde. Atẹ́gùn tó kù lókè omi á máa fẹ́lẹ́ sí i, á máa fa omi padà, títí tí atẹ́gùn fi máa gba inú ihò náà wọlé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Òun ni gọ́gọ́gọ́ tí ẹ gbọ́. Ẹ tú ìdérí díẹ̀, ẹ máa gbọ́ tó máa fa èémí, omi á sì tún tú yàà. Atúmọ̀, kọ ọ́ sínú ìbéèrè náà pé òkè táǹkì ṣí sílẹ̀. Bí ìyẹn kò bá sí níbẹ̀, ìṣirò Torricelli kò dúró.

Oníṣirò ọmọ mi, ká ní o dúró sídìí táǹkì rẹ ni! Ní ìṣẹ́jú 20, ò bá bá omi tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 19 sí 20 níbẹ̀, tó ṣì ń ṣàn. Ìṣirò rẹ àti ìdánwò rẹ ṣèèṣì bára wọn mu ni, torí àṣìṣe méjì ló wà níbẹ̀, tí ọ̀kan bo èkejì mọ́lẹ̀.

Àkọ́kọ́ ni pé o fi ìdajì ṣe ìlọ́po méjì. Bí omi ṣe ń wálẹ̀ ni eré rẹ̀ ń dín kù. Nínú táǹkì tí ògiri rẹ̀ dúró ṣánṣán, ìdajì tòkè kò gbà ju bí ìdá 29 nínú 100 àkókò lọ, ìdajì tìsàlẹ̀ ló ń gba ìdá 71 tó kù. Kódà ìdá kan nínú mẹ́rin tó kẹ́yìn nìkan ló ń jẹ ìdajì gbogbo àkókò náà. Nítorí náà, bí ìdajì bá gba ìṣẹ́jú 10, gbogbo rẹ̀ á gbà tó 34.

Èkejì wà ní ẹnu ihò. Lọ tẹjú mọ́ okùn omi yẹn níbi tó ti ń jáde. Bí etí ihò bá mú, tí ìdí táǹkì sì fẹ́lẹ́, wàá rí i pé okùn náà kò fẹ̀ tó ihò. Kó tó rìn tó sẹ̀ǹtímítà 1 kúrò lẹ́nu ihò, ó ti sún kì láti 2 sí nǹkan bí 1.6. Omi tó ń gba ilẹ̀ táǹkì bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ń sáré wọ ihò, kò lè ṣẹ́rí padà lójijì láti kọjú sísàlẹ̀, ló bá ń bá eré rẹ̀ lọ sí àárín, tó sì ń fún okùn náà mọ́ra. Newton kíyè sí èyí, ó sì fi sínú ìwé rẹ̀, Principia, nígbà tó tún un tẹ̀ ní 1713. Èyí ni kò jẹ́ kí omi tó ń jáde tó iye tí ihò fẹ̀ mọ́. Fún ihò olétí mímú, ìdá 61 tàbí 62 nínú 100 ló ń jáde nínú ohun tí ìṣirò rẹ rò.

```
T = (A / (C · a)) · √(2H / g)
```

`T` ni àkókò ìṣàntán, `A` ni ìwọ̀n ojú ìdí táǹkì, `a` ni ti ihò, `H` ni gíga omi ní ìbẹ̀rẹ̀, `C` sì ni ìdá omi tó ń jáde gan-an tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ yẹn. Táǹkì rẹ fẹ̀ ju ihò lọ ní ìlọ́po 2,500. Gbòǹgbò yẹn jẹ́ 0.495. Láìsí `C`, ó di ìṣẹ́jú-àáyá 1,237, ìyẹn ìṣẹ́jú 20 àti ààbọ̀ tìrẹ. Fi 0.61 sí `C`, ó di 2,027, nǹkan bí ìṣẹ́jú 34.

Ọ̀nà kan wà tí mo fi máa ń yẹ̀ ẹ́ wò lọ́wọ́ ara mi. Táǹkì rẹ gba lítà 942. Ní ìbẹ̀rẹ̀, omi ń jáde ní lítà 0.93 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ká ní kò rọ̀ rárá, á tán ní ìṣẹ́jú 17. Òótọ́ rẹ̀ máa ń jẹ́ ìlọ́po méjì gẹ́lẹ́.

Onígírámà:

Bàbá, ẹ ṣeun. Ibi tí okùn omi ti sún kì yẹn gbọ́dọ̀ ní orúkọ. "Ìbàdí omi" ńkọ́?

Bàbá Ẹlẹ́rọ:

Rárá o. Lábẹ́ ìbàdí, ara tún máa ń fẹ̀ padà, okùn omi yìí kì í fẹ̀ padà. Lẹ́yìn ibi tó ti tín-ín-rín yẹn, ńṣe ló ń tín-ín-rín díẹ̀díẹ̀ sí i bó ṣe ń já bọ́. "Ìsúnkì okùn omi" tẹ́ mi lọ́rùn, torí ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an ló ń sọ.

Ní ti `C`, mo ń pè é ní "ìdá ìjáde". Kí Atúmọ̀ má ṣe pè é ní "ìdá ìsúnkì", torí bí ẹ bá fi páìpù kúkúrú tó gùn tó ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta ìdábùú ihò mọ́ ọn, tí omi sì kún inú rẹ̀, `C` á gòkè dé nǹkan bí 0.8. Bí ẹ bá yọ etí ihò yípo nínú kó máa dán, á sún mọ́ 0.98. Nínú méjèèjì, okùn omi tó jáde kò tún sún kì mọ́, síbẹ̀ `C` ò pé 1, torí nínú páìpù kúkúrú, omi kọ́kọ́ ń sún kì nínú rẹ̀ kó tó tún fẹ̀ kún un, ìyẹn sì ń jẹ nínú eré rẹ̀; ní ti etí tó yípo, ìfaragbá omi lára ògiri ló ń jẹ díẹ̀.

Oníṣirò:

Mo ti padà lọ, bàbá, mo sì dúró tì í. Ìṣẹ́jú 20 pé, mo ki rúlà bọ inú omi: sẹ̀ǹtímítà 20 ló wà níbẹ̀. Ẹ ṣeun. Àmọ́ nígbà tó kù díẹ̀, omi bẹ̀rẹ̀ sí í yí bí òkòtó, ihò atẹ́gùn là láàárín rẹ̀ dé ìsàlẹ̀, ariwo rẹ̀ yí padà. Ó sì pẹ́ ju bí mo ṣe ṣírò rẹ̀.

Bàbá Ẹlẹ́rọ:

O rí i dáadáa. Ìṣirò náà gbà pé omi tó wà lókè ihò jinlẹ̀ dáadáa ju bí ihò ṣe fẹ̀ lọ. Nígbà tó bá ku nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 6, atẹ́gùn á bẹ̀rẹ̀ sí í gba apá kan ihò, omi tó ń jáde kò sì ní tó iye tí `C` sọ mọ́. Sẹ̀ǹtímítà 6 yẹn sì tó ìṣẹ́jú 7 àti ààbọ̀ nínú 34 tìrẹ, kì í ṣe ohun kékeré. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń ṣírò dé sẹ̀ǹtímítà 6, tí mo sì máa ń wọn ìyókù.

Onígírámà:

Yíyí yẹn, "ààjà omi" ni kí a pè é. Àmọ́ ẹ ti wá dá ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀ báyìí, bàbá. Ìgbà wo ni omi "tán" nínú "ìṣàntán"? Ṣé nígbà tí okùn omi já, tó di ìkán-kán, àbí nígbà tí ìkán tó kẹ́yìn bọ́? Lójú mi, ohun tó tán kò gbọdọ̀ ku ẹyọ kan.

Bàbá Ẹlẹ́rọ:

Ìkán tó kẹ́yìn lè má bọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú, ó ń rọ̀ mọ́ etí ihò ni. Fún èmi, ó tán nígbà tí okùn já.

Atúmọ̀:

Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti kọ "àkókò ìṣàntán", "gíga omi", "okùn omi", "ìsúnkì okùn omi" àti "ìdá ìjáde". Mo fi "òkè táǹkì ṣí sílẹ̀" sí ìbéèrè náà. Ní ti "tán", mi ò tíì mọ èwo ni màá tẹ̀ lé. Mo kọ ọ́ fún ìgbà yìí pé "títí okùn omi fi já". Bí Ẹ̀gbọ́n Onígírámà bá ní ọ̀rọ̀ tó dára jù ú lọ kí n tó fi ìwé ránṣẹ́, ẹ jẹ́ kí n gbọ́.