"Ìyọ̀rá-ikùn" tàbí "ìyọ́rá-ikùn"?

Àyìnlá: Ẹ kú iṣẹ́ èdè o. Ẹnì kan ń pe eré ìdárayá tí wọ́n ń dùbúlẹ̀ ṣe, tí wọ́n á máa fi ikùn gbé àyà dìde, ní "ìyọ̀rá-ikùn". Ṣé ọ̀rọ̀ náà dúró? Ṣé ó sì ń yọ ọ̀rá ikùn lóòótọ́?

Bàbá Àkọtọ́: Kò dúró. "Yọ" pàdé "ọ̀rá", ó di "yọ̀rá", mo gbà, ṣùgbọ́n etí tó bá gbọ́ ọ á rò pé à ń bá ọ̀rá yọ̀ ni. Ẹ jẹ́ ká gbójú fo ìyẹn pàápàá. Ẹ̀gún là ń yọ, ojú ibi tó ti gún wa gan-an la sì ti ń yọ ọ́. Ọ̀rá kì í ṣe ẹ̀gún. Ẹ kọ ọ́ ní "ìyọ́rá", ohùn òkè, nítorí ooru ara ló ń yọ́ ọ. Àwọn tó kọ́ wa lámì ohùn kì bá gbà fún irú èyí.

Olùkọ́ Ìdárayá: Bàbá, ẹ jàre lórí ẹ̀gún, ooru nìkan ni mi ò gbà. Ooru kì í yọ́ ọ̀rá ara, òógùn ò sì mú un jáde. Bí ara bá ń wá agbára, họ́mónù bí adirẹnalíìnì á gba inú ẹ̀jẹ̀ lọ bá sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá káàkiri ara, ti ẹ̀yìn, ti itan, ti ikùn. Wọ́n á tú ọ̀rá wọn sínú ẹ̀jẹ̀, iṣan tó ń ṣiṣẹ́ á wá bù nínú ohun tó ń ṣàn kọjá. Iṣan ikùn kì í nawọ́ mú ọ̀rá tó bò ó lórí.

Àwọn olùwádìí dán an wò ní 1984. Àwọn kan ṣe eré yìí fún ọjọ́ 27, tí iye rẹ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lé ní 5,000. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ bu ọ̀rá díẹ̀ níkùn, ní ìdí àti nísàlẹ̀ eegun èjìká, ṣáájú àti lẹ́yìn. Sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá súnkì níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta; ti ikùn ò ṣáájú ìyókù.

Ìyá Ìbejì: Èmi ń ṣe é láràárọ̀ o! Ikùn le bí igi, ó ṣì yọ síwájú. Láti ìgbà tí mo ti bí àwọn ọmọ ló ti rí bẹ́ẹ̀. Orúkọ wo lẹ fẹ́ fún tèmi?

Olùkọ́ Ìdárayá: Ìyá, tiyín lè má jẹ́ ọ̀rá rárá. Iṣan àárín ikùn a máa yà sọ́tọ̀ nígbà oyún, ti àwọn mìíràn kì í sì í padà pàdé dáadáa. Ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì tàbí dókítà fọwọ́ kàn án kẹ́ ẹ tó tẹ̀ síwájú.

Onígègé: Olùkọ́, ẹ rọra. Ìwádìí kan wà ní 2007 tó fi hàn pé ọ̀rá tó sún mọ́ iṣan tó ń ṣiṣẹ́ máa ń tú ju ti ibòmíràn lọ. Ẹni tó sọ "ìyọ̀rá-ikùn" ò purọ́ tán.

Olùkọ́ Ìdárayá: Wọ́n rí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n bíńtín ni. Pé ó tú sínú ẹ̀jẹ̀ kò ní kó jó tán. Bí oúnjẹ ọjọ́ náà bá ju ohun tí ara ná lọ, ara á tún un kó pa mọ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Kílò ọ̀rá kan tó nǹkan bíi 7,700 kálórì. Ẹni tó bá ń jẹ oúnjẹ tó fi 500 dín sí ohun tó ń ná lójúmọ́ á lo bí ọjọ́ 15 kí kílò kan tó lọ, ó sì máa ń pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ara náà á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣúnná. Ibi tí á ti kọ́kọ́ lọ kò sí lọ́wọ́ ẹni. Àbínibí ló ń pín in, ikùn ọkùnrin púpọ̀ ló sì máa ń gbẹ̀yìn.

Bí ẹni tó ń dín oúnjẹ kù yìí bá ń gbé ohun wúwo, tó sì ń jẹ amáradàgbà dáadáa, bíi gíráàmù 1.6 fún kílò ara kan, ẹni kílò 80 á jẹ 128 lójúmọ́, iṣan rẹ̀ ò ní bá ọ̀rá lọ. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè gun òṣùwọ̀n kí nọ́ńbà má yí, síbẹ̀ kí bẹ́líìtì máa wọlé. Téèpù ni kó gbà gbọ́: ní ìdodo, láàárọ̀ kó tó jẹun, lẹ́yìn tó bá mí síta, ojú kan náà nígbà gbogbo.

Àyìnlá: Ṣé ká wá pè é ní "ìdín-ọ̀rá-kù", ká yọ ikùn kúrò?

Onígègé: Àwọn ọmọ tèmi á ní ẹ fẹ́ dín náílọ́ọ̀nù kù.

Bàbá Àkọtọ́: Ọ̀rá ti wà kí náílọ́ọ̀nù tó dé, ẹ kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Mi ò sì tíì kúrò lórí ohùn òkè. Olùkọ́ ní kò sí ooru níbẹ̀. Ta ló ní "yọ́" ò lè ṣe láìsí iná? Nígbà tí Ọlọ́run yọ́nú sí ènìyàn, iná wo ló dá?