Àpótí onírunmú: kí la máa pè é gan-an?

Ìbéèrè, láti Ìsàlẹ̀ Èkó: Ẹ jọ̀ọ́, àwòrán tí wọ́n fi ń gbé máàkì kíláàsì mẹ́ta síbi kan, tó dà bí àpótí tí igi yọ lórí àti nídìí ẹ̀, kí la máa pè é ní Yorùbá? Kí la sì máa pe ìlà inú ẹ̀?

Tíṣà kan, Sùúrùlérè: Àpótí onírunmú ni mo máa ń pè é, torí àwọn Òyìnbó náà fi irunmú ológbò pe igi yẹn. Ìlà inú ẹ̀ ni àròpín kíláàsì. Èyí tí àpótí ẹ̀ bá gùn jù lọmọ pọ̀ sí jù.

Ẹ̀gbọ́n kan, Yábàá: Ẹ kúuṣẹ́ tíṣà, irunmú dáa, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká yọ àròpín kúrò. Ẹ to àwọn ọmọ láti orí ẹni tó gba máàkì tó kéré jù, ẹni tó bọ́ sáàárín gẹ́lẹ́ ni ìlà yẹn ń sọ̀rọ̀ ẹ̀, ìyẹn ni mo ṣe ń pè é ní máàkì ẹni àárín. Ẹ wo kíláàsì mẹ́ta ológójì ọmọ. Ìlà A àti B wà ní 55, àmọ́ àpótí A bẹ̀rẹ̀ ní 50 ó parí sí 60, ti B bẹ̀rẹ̀ ní 35 ó lọ dé 78. Ogún ọmọ tó wà láàárín, ìyẹn ìdajì kíláàsì, ló wà nínú àpótí kọ̀ọ̀kan o, bí àpótí bá gùn, ìtànká máàkì ló ń sọ, kì í ṣe èrò. Tíṣà B ní iṣẹ́ méjì lọ́wọ́ nínú kíláàsì kan ṣoṣo, ti àwọn tó rẹ̀yìn àti ti àwọn tó ti lọ síwájú.

Ìyá oníṣòwò kan, Balógun: Ọmọ mi wà ní B, ipò kelòó ló wà níbẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n, Yábàá: Mà, àwòrán yìí ò lè sọ ìyẹn, ó ti kó gbogbo ọmọ pọ̀. Àmì tó dá dúró nìkan ló máa ń tọ́ka sí ọmọ kan. Bíi ti C, àpótí ẹ̀ 48 sí 58, gígùn ẹ̀ 10. Òfin tí Jọ́ọ̀nù Túkì ará Amẹ́ríkà fi lélẹ̀ ni pé ká mú gígùn náà lọ́nà kan ààbọ̀, ìyẹn 15, ká yọ ọ́ kúrò nínú 48, ó ku 33. Irunmú ò gbọdọ̀ sọ̀ kalẹ̀ ju 33 lọ, ọmọ tó gba 8 á wá di àmì lọ́tọ̀.

Tíṣà, Sùúrùlérè: Aṣáko nìyẹn!

Ẹ̀gbọ́n, Yábàá: Aṣáko ti dá ọmọ lẹ́bi kí wọ́n tó gbọ́ ẹjọ́ ẹ̀. Ó lè jẹ́ 80 lẹ kọ sí 8. Ẹ yẹ ìwé ẹ̀ wò ná. Àdáwà ni kẹ́ ẹ pè é.

Tíṣà, Sùúrùlérè: Mo ti yẹ ẹ́ wò lónìí, 8 ló gbà lóòótọ́, ara ẹ̀ ò yá lọ́jọ́ tẹ́sítì. Mo gbà pé aṣáko ò tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n àdáwà náà ò tíì tẹ́ mi lọ́rùn, torí ní kíláàsì tí mo kọ́ tẹ́lẹ̀, àmì mẹ́ta ló wà nísàlẹ̀ irunmú, ṣé ẹni mẹ́ta lè jẹ́ àdáwà ni?